Oúnjẹ àti Omi Ọ̀nà Jíjìn: Èló Ni Ti Ẹnìkọ̀ọ̀kan?

A ti bá àwọn tó bímọ yọ̀, a ti kí àwọn ọkọ àti ìyàwó tuntun. Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù, tí ẹ fẹ́ relé lọ kí àwọn òbí. Ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ l'ónìí, torí pé púpọ̀ nínú wa mọ iye aṣọ tí ó yẹ kí ọmọ mú lọ, ṣùgbọ́n a kì í mọ iye omi tí yóò mu l'ọ́nà.

Àwa náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, a kúrò ní Jọ́ọ̀sì ní agogo márùn-ún ìdájí, à ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. A kọjá Akwáńgà, Kẹ́fí àti Àbújá ní ìrọ̀rùn. A ti fi Lókójá sílẹ̀, a sì ti dorí kọ ọ̀nà Kábbà, nígbà tí ọkọ̀ dákẹ́ ní agogo méjì ọ̀sán. Mẹkáníìkì kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ni ilẹ̀ sì mọ́ bá wa. A ní omi o, ṣùgbọ́n ó wà ní ìsàlẹ̀ búùtù, l'ábẹ́ àpò ìrẹsì àti àpótí àwọn ẹlòmíràn. Ìrẹsì tí a sè l'óru, tí a gbé s'ínú kúlà, ti kan. Ìyá wa àgbà kò mu ju ẹnu omi mẹ́ta lọ láti àárọ̀, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ọkọ̀ máa dúró nítorí àwọn. Nígbà tí ó di agogo mẹ́rin, òòyì ń kọ́ wọn, wọn kò sì lè dá dìde. Omi díẹ̀díẹ̀ àti ibòji igi ni Ọlọ́run fi bá wa ṣe é.

Nígbà tí a délé, a jókòó ṣírò rẹ̀. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, ogún rẹ̀ ló wà nínú àpò kan. L'ásìkò ooru, àgbàlagbà tó jókòó s'ínú ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ nílò nǹkan bíi lítà 3, èyíinì ni píọ̀ wọ́tà 6. Ìyá tó ń fún ọmọ l'ọ́mú, ẹ fún un ní 8. Ọmọ tó ti ń lọ sí ilé-ìwé, 4. Ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, 3. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi rárá. Ọmú ìyá rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà sì ni omi rẹ̀, b'ó ti wù kí ooru mú tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé tiwa l'ọ́jọ́ náà. Bàbá, 6. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ oṣù márùn-ún, 8. Ìyá àgbà, 6. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, 4. Ọmọ ọdún mẹ́rin, 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27 fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a pè ní ọjọ́ kan lè di ọjọ́ kan àti ààbọ̀, nítorí náà a fi ìdajì rẹ̀ lé e. Ó súnmọ́ 40, àpò méjì gééré. Èyí wà fún mímu nìkan. Omi tí a ó fi fọ ọwọ́, tí a ó fi nu ìdí ọmọ, tí a ó sì fi ṣe àlùwàlá, inú kẹ́ẹ̀gì lítà 5 l'ọ́tọ̀ ni kí ó wà.

Níbo ni kí a gbé e sí? Ẹ kó mẹ́wàá tàbí méjìlá s'ínú ike onídérí kan, kí ẹ gbé e sí abẹ́ ìjókòó yín, torí píọ̀ wọ́tà a máa bẹ́ nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kó ìyókù s'í ẹnu búùtù gan-an, kí ó jẹ́ ẹrù tí ọwọ́ yóò kọ́kọ́ bà.

Ó tún ku kí ènìyàn mu ún. Ẹni tó bá ń sá fún ìtọ̀ ni òùngbẹ ń pa. Ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra pé kí ó máa dúró ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí àgbàlagbà yóò sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, torí ara àgbà kì í tètè mọ òùngbẹ l'ára. Ẹ máa na omi sí wọn, kí wọ́n mu díẹ̀díẹ̀. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bíi tíì, omi kò tó l'ára. Bí ọmọ bá ń sunkún tí omijé kò jáde, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ẹ má ṣe fi ṣeré, ẹ wá ilé ìwòsàn.

Ní ti oúnjẹ, ẹ fi aago pín in. Ohun tí a bá sè ní ìdájí, bíi mọ́ínmọ́ín àti ẹyin sísè, òun ni kí a kọ́kọ́ jẹ, kí ó tán kí oòrùn tó mú. Ìrẹsì gbígbóná tí a dé mọ́ inú kúlà ló ń tètè bàjẹ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í fi ìgbà gbogbo sọ fún ni. Bí ẹ tilẹ̀ tún un gbé kaná, májèlé tó ti wọ inú rẹ̀ kì í lọ. Fún ọ̀sán, búrẹ́dì ìdámẹ́rin fún àgbàlagbà kan, sádìnì tí a ṣí tí a sì jẹ tán l'ẹ́ẹ̀kan náà, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Fún alẹ́ àti fún ìdádúró, àwọn ohun gbígbẹ ni: gaàrí ife kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kúlíkúlí, ẹ̀pà yíyan, àádùn àti dàbínò. Ọmọ tí ọkọ̀ máa ń bì, ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ olóròóró l'áàárọ̀. Búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ tó.

Ẹ kíyèsí ohun kan. Ohun gbígbẹ máa ń mu omi yín. Gaàrí ife kan lè gba odindi píọ̀ wọ́tà kan. Kílíṣí dùn, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti ata rẹ̀ ń pe òùngbẹ; ẹyọ kékeré kan tó fún ẹnìkan. Nítorí náà, bí gaàrí bá jẹ́ oúnjẹ alẹ́ yín, ẹ fi píọ̀ wọ́tà kan kún ti ẹnìkọ̀ọ̀kan tí yóò mu ún.

L'ọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀nà kan náà la tún gbà. Ọkọ̀ kò dákẹ́, a sì gbé píọ̀ wọ́tà 11 wọ ilé. Ìyá wa àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní a ti ru ẹrù omi wá sí ìlú omi. A ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ bá wa kí ilé.