Másítà Kọ́ Ló Ń Kọ́ni ní Físíìsì

Ká ní ilé ìwé girama kan n'Ìbàdàn ń wá olùkọ́ físíìsì fún SS2 àti SS3, síífíì méjì sì dé iwájú ìgbìmọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ó gba másítà nínú ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́, ó sì ti ń kọ́ni ní físíìsì láti ọdún mẹ́fà torí pé kò sẹ́lòmíì nílé ìwé rẹ̀. Físíìsì gan-an lẹnì kejì kà ní yunifásítì, kò sì ní másítà kankan. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló máa mú ẹni àkọ́kọ́. Mo ní kò dáa rárá. Máàkì kan ṣoṣo kò tọ́ sí másítà yẹn, torí kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n ń wá.

Wọ́n á ní ìsọ̀rí B lẹni àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ TRCN, pé C lẹnì kejì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìwé ẹ̀rí bá ṣe ga tó ni wọ́n fi ń pín ìsọ̀rí wọ̀nyẹn: C fún dìgírì, B fún másítà. Kò sọ ohun tí olùkọ́ lè kọ́ni. Ẹnu ọ̀nà lásán ni ìforúkọsílẹ̀: ẹni tí kò ní in kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tó ní in kò sì tíì gbaṣẹ́. Ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, ẹ wo ọjọ́ tí láìsẹ́ńsì rẹ̀ máa parí, kẹ́ ẹ kọjá. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe PGDE, tó sì forúkọ sílẹ̀, sàn fún iṣẹ́ yìí ju onímásítà yẹn lọ.

Ibi tí irọ́ ti máa ń wọlé jù ni èsì WAEC. Ká ní ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé gbogbo ọmọ òun ló gba kírẹ́díìtì. Ẹ bi í pé ọmọ mélòó? Ó lè jẹ́ 9 péré ló jókòó ìdánwò, nígbà tó jẹ́ pé 31 ló bẹ̀rẹ̀ físíìsì ní SS1. Wọ́n ti lé àwọn 22 lọ sí kíláàsì áàtì. Ẹnì kejì ní 27 nínú 42. Lójú, kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú dídé rẹ̀, 11 nínú 40 ló gba kírẹ́díìtì. Ẹ tún wo èsì ìṣirò àwọn 42 náà. Bí ìyẹn náà bá fò sókè bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọmọ ọdún yẹn ló mọ̀wé. Bí físíìsì nìkan bá lọ sókè, ọwọ́ olùkọ́ ni.

Ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ kó àwọn méjèèjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ so irin kékeré rọ̀ mọ́ okùn, kó máa fì, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tá a fi ń ka ìgbà 20 tó fì ká tó wá pín àsìkò rẹ̀ sí 20, dípò ká ka ẹyọ kan. Ẹni tó ń da nóòtì kọ á ní bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní ọwọ́ wa máa ń pẹ́ díẹ̀ ká tó tẹ aago, àṣìṣe náà á sì kéré tá a bá pín in sí ọ̀nà 20. Òun ni kẹ́ ẹ gbà.