Ẹsẹ̀ Wo Ni Ó Gbọgbẹ́?



Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ya fíìmù kúkúrú kan ní Okpomẹ̀ta. Ìtàn rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Ní ìdájí, ọmọbìnrin kan gba kèrègbè omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti gbé e lọ fún ìyá àgbà lóko. Ó ṣubú lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọgbẹ́, etí ìró rẹ̀ ya, ó sì fi ẹ̀já aṣọ náà di ojú ọgbẹ́. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó tiro padà wá sílé. Ìran mẹ́fà péré ni, a sì rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì kò lè fa wàhálà.

Àmọ́ a kò ya àwọn ìran náà bí ìtàn ṣe tò wọ́n. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni onílé lè yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀ fún wa. Nítorí náà, a ya ìran 1 níbẹ̀ láàárọ̀, a sì ya ìran 6 níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni a tó ya ọ̀nà oko. Èyí ni pé a ti ya ẹsẹ̀ tí a fi aṣọ dì kí ọmọ náà tó ṣubú rárá. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán sinimá ṣe ń ṣe, torí ibi tí a yá, òṣèré tí ó ń kánjú àti owó ọkọ̀ ni ó ń pinnu ètò iṣẹ́.

Nígbà tí a ń so àwòrán pọ̀, a rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó gbọgbẹ́ ní ìran 3, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni aṣọ wé mọ́ ní ìran 6. A kò lè tún un yà, nítorí wọ́n ti tú irun òṣèré náà, onílé sì ti padà dé. Lọ́jọ́ tí a fi fíìmù hàn, ìyá àgbà ń sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìtàn dúró lé lórí, àwọn òǹwòran sì ń jiyàn nípa ẹsẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ kò sùn. Ó kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé pé: «Ọgbẹ́, ọ̀tún.» Ẹ̀bá kámẹ́rà ni ó jókòó sí, ó kọjú sí òṣèré. Ohun tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀ ni òsì ọmọbìnrin náà. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ka ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kun ọgbẹ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún òṣèré. Àwa tí a kọ́ wọn ni a kò là á yé wọn. Láti ìgbà náà, òfin wa ni pé ọ̀tún àti òsì ẹni tí ó ń ṣeré ni a ń kọ, a sì ń kọ ọ́ ní kíkún: «ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ní ìta.»

Àwọn Faransé ń pe ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní sikirípìtì, wọ́n sì ń pe ìbáramu àwòrán kan pẹ̀lú èkejì ní rakọ́ọ̀. Sylvette Baudrot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó lórúkọ jù nídìí iṣẹ́ náà. Òun ni sikirípìtì Alain Resnais nígbà tí wọ́n ya «L'Année dernière à Marienbad», tí ó jáde ní 1961. Nínú fíìmù yẹn, àná àti òní dàpọ̀ mọ́ra wọn, aṣọ obìnrin náà sì ń yí padà. Baudrot ya àtẹ kan tí ó fi ipò ìran kọ̀ọ̀kan hàn nínú àkókò ìtàn. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé aago méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, aago tiwa àti aago ìtàn. Aago ìtàn ni ìwé sikirípìtì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Kí a tó ya ohunkóhun, ojú ewé kan wà fún ìran kọ̀ọ̀kan. Lórí rẹ̀ ni a ti kọ wákàtí ìtàn, aṣọ, ohun tí ó wà lọ́wọ́ òṣèré, àti ipò tí ohun náà wà. Fún ìran 6, ó yẹ kí a kà pé: «Aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìró ti ya ní etí ìsàlẹ̀. Ẹ̀já aṣọ wà ní ẹsẹ̀ òsì, ó ti dọ̀tí. Kèrègbè ti ṣófo, ọwọ́ ọ̀tún ni ó wà.» Bí ojú ewé yìí bá wà nílẹ̀, kò sí ewu nínú kí a ya ìran 6 ṣáájú ìran 3.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìró ti wọlé. A kò lè ya aṣọ ní Sátidé kí ó tún pé ní ọjọ́ Àìkú fún ìran 2. Nítorí náà a ra ìró méjì láti ara aṣọ kan náà. Ọ̀kan wà ní pípé, a sì ya èkejì tẹ́lẹ̀. A fọ méjèèjì pọ̀ kí àwọ̀ wọn má baà yàtọ̀. Ohun tí a bá bà jẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì. Àwòrán tí a ń fi tẹlifóònù yà fún ìrántí, ìparí ìran ni a ń yà á, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, torí bí ìran kan ṣe parí ni èyí tí ó tẹ̀ lé e nínú ìtàn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó ku oòrùn, tí a kò lè fọ̀, tí a kò sì lè rà ní méjì. Aago 8 àárọ̀ ni ìran 2 nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ìgbà tí a fi dé ojú ọ̀nà oko, ó ti kọjá aago 10, òjìji ọmọ náà sì ti kúrú. A dúró di ọ̀sán gan-an. Ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn ń yọ lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí aago 7, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 7 ku díẹ̀. Wákàtí kan lẹ́yìn tí ó yọ, àti wákàtí kan kí ó tó wọ̀, ọgbọọgba ni gíga rẹ̀ lójú ọ̀run. A ya «àárọ̀» náà ní aago 5 kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Láàárọ̀, ìlà-oòrùn ni ìbá kọjú sí; nírọ̀lẹ́, a ní kí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i lójú bákan náà.

Ọgbọ́n yìí ní ààlà rẹ̀. Bí igi tàbí ilé tí ará ìlú mọ̀ bá hàn lẹ́yìn òṣèré, wọn yóò mọ̀ pé ọ̀nà ilé ni ó ń rìn, kì í ṣe ọ̀nà oko. Ìrì kì í sì í sí lórí koríko nírọ̀lẹ́. A yan ibi tí igbó nìkan wà, a sì gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀ kí koríko má baà hàn. Kò sí òǹwòran kan tí ó mọ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n rí.