Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Olórí Ẹbí Ti Kú, Ta Ló Ń Ta Ilẹ̀ Fún Yín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilẹ̀ rà, àti ẹ̀yin ẹbí tí olórí yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ipò dà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí olórí ẹbí bá ti kú, tí ẹbí kò sì tíì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilẹ̀ ẹbí. Àkọ́bí olóògbé kò lè tà á. Opó rẹ̀ kò lè tà á. Àwọn àgbà tó kù nínú ẹbí, bí gbogbo wọn tilẹ̀ fẹnu kò, kò lè tà á láìsí olórí. Ẹni tó bá sanwó ilẹ̀ lásìkò yìí, ẹjọ́ ló rà.

Àsìkò yìí gan-an sì ni ọjà ilẹ̀ ẹbí máa ń yá jù. Òkú àgbà ń náwó. Gbèsè màlúù àti kánópì ṣì wà nílẹ̀, àwọn ajẹ́ntì sì mọ̀ pé ọwọ́ ń pọ́n àwọn ọmọ. Kí ọjọ́ ogójì tó pé, wọ́n ti mú oníbàárà dé. Ohun tí wọn yóò sọ fún un ni pé: “Bàbá wa ni olórí ẹbí, àwa ọmọ rẹ̀ la jogún rẹ̀.” Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì lára wọn gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Olórí ẹbí kì í ṣe onílẹ̀. Alábòójútó ni fún gbogbo ẹbí, ipò rẹ̀ kì í sì í ṣe ogún tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Nígbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ láti ìpilẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní dáwódù ní Èkó, ló ń di olórí. Bí dáwódù náà bá kú, ipò náà kò sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ baba ńlá tó ṣì wà láàyè ló kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ilé ẹjọ́ ti fìdí èyí múlẹ̀ láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, lórí ilẹ̀ ẹbí Mabinuori ní Èkó. Ẹbí lè péjọ kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan yan ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ yàn án ní gbangba.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Baba ńlá kan fi éékà mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ìyàwó mẹ́ta ló bímọ fún un, nítorí náà ìdí mẹ́ta ni ẹbí náà pín sí. Dáwódù ti ìdí kìíní wá, ó sì ṣe olórí títí ó fi kú. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ baba ńlá tó kù ni obìnrin kan láti ìdí kejì. Kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, ọmọ dáwódù ti ta pulọ́ọ̀tì méjì. Ó ní ibẹ̀ ni bàbá òun ń dáko sí láti kékeré òun. Àwọn àgbà méjì láti ìdí kẹta fọwọ́ sí ìwé fún un.

Oko tí bàbá rẹ̀ ń dá níbẹ̀ kò sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Ẹbí fún un lò ni, wọn kò pín in fún un. Àyàfi bí ẹbí bá jókòó tí wọ́n pín ilẹ̀ náà ní pínpín, tí oníkálùkù gba ìpín tirẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ ẹbí ṣì ni. Ìfọwọ́sí àwọn àgbà méjì náà kò sì ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, torí kò sí olórí níbẹ̀. Ìlànà tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ là sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 kò ṣòro: bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹbí bá fi obìnrin yẹn jẹ olórí, tó sì pe ẹjọ́, ẹni tó ra ilẹ̀ lè pàdánù rẹ̀, bó tilẹ̀ ti mọ ilé dé orí fèrèsé. Ọmọ dáwódù tó gbowó ni yóò máa lé kiri.

Bí ó bá jẹ́ obìnrin yẹn, lẹ́yìn tó di olórí, ló dá tà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn olórí ìdí yòókù ńkọ́? Èyí yàtọ̀. Títà náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí a kò bi lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Wọ́n gbọ́dọ̀ tètè ṣe é. Bí wọ́n bá dákẹ́, tí wọ́n ń kí oníbàárà náà kú iṣẹ́ bó ṣe ń kọ́lé lọ́dọọdún, ilé ẹjọ́ lè kọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí olórí bá tà á bíi pé ogún tirẹ̀ ni, tí kò dárúkọ ẹbí rárá, òfo ni èyí náà.

Ẹ ṣọ́ra fún rìsíìtì àtẹ̀yìnkọ. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí olóògbé ṣì wà láàyè sí i, wọ́n á sì tẹ àtàǹpàkò tàbí kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ ikú lára pósítà ìsìnkú tó ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri agboolé, kí ẹ wá wo ọjọ́ tí wọ́n ya ìwé sọ́fè. Bí sọ́fè bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ikú, tí rìsíìtì sì jẹ́ ti ṣáájú, ẹ bi wọ́n ní ìdí. Lábẹ́ àṣà, nǹkan mẹ́ta ló ń fìdí ilẹ̀ rírà múlẹ̀: owó tí a san, ẹlẹ́rìí tí ó ṣojú rẹ̀, àti fífa ilẹ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ẹ bi àwọn alámùúlégbè ilẹ̀ náà bóyá ẹnikẹ́ni wá fi ààlà hàn níbẹ̀ nígbà ayé olóògbé.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi sí-ọ́fù-ó tàn yín. Ìwé gómìnà kò lè sọ ẹni tí kò nílẹ̀ di onílẹ̀. Bí ẹni tó gbà á kò bá ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e.

Ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti yan olórí tuntun. Ẹ lọ sílé olórí ìdí kọ̀ọ̀kan fúnra yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ajẹ́ntì kó gbogbo wọn wá bá yín. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú olórí. Ìdí tí kò bá rí nǹkan gbà nínú owó náà ni yóò kọ́kọ́ wá lọ́yà.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má dúró dìgbà tí ìjà lórí ipò olórí bá parí. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ kéde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Ọmọ ẹbí èyíkéyìí, bó ti wù kó kéré mọ, lè pe ẹjọ́ láti dáàbò bo ilẹ̀ náà láìdúró de olórí.

Bí ẹ bá sì ti sanwó fún ọmọ olóògbé, ẹ dá iṣẹ́ dúró lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé tuntun tún ti àtijọ́ ṣe, torí òfo kò ṣe é tún ṣe. Ẹ dúró kí ẹbí yan olórí, kí ẹ mú lọ́yà lọ bá òun àti àwọn olórí ìdí, kí wọ́n tà á fún yín lákọ̀tun. Owó tí ẹ ti san, lọ́wọ́ ẹni tó gbà á ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀.