Fáìlì tó ṣí kọ́ ni fáìlì tó tọ̀nà

Ní Topo níbí, ní Àgbádárìgì, ibodè Sẹmẹ ò jìnnà sí wa. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ẹnì kan fún mi ní fáìlì àtijọ́ kan lédè Faransé, nípa àwọn ibùdó apẹja ní etíkun Benin. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé "SŠmŠ" ni mo bá níbi tó yẹ kí "Sèmè" wà.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn fi è rọ́pò gbogbo Š, ó parí. Mo ní rárá o.

Ẹ wò ó: láyé ìgbà yẹn, báìtì kan ni lẹ́tà kan. Nọ́ńbà 256 péré ló wà. Ìdajì àkọ́kọ́ dọ́gba níbi gbogbo, ṣùgbọ́n tábìlì kọ̀ọ̀kan ló fi ohun tó wù ú sí ìdajì kejì. Nínú CP850 tí DOS ń lò, 8A ni è. Nínú Windows-1252, 8A yìí kan náà ni Š. Fáìlì ò bàjẹ́ rárá. Tábìlì tí mo fi kà á ni kò tọ́. Tí mo bá rọ́pò Š nìkan, "marée" á ṣì wà bíi "mar‚e", ojú á sì rò pé kọ́mà lásán ni.

Báìtì gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò:

```
head -n 3 ibudo.csv | xxd
```

Mo rí `53 8a 6d 8a`. Ṣùgbọ́n CP437 náà fi è sí 8A! Àkọlé tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ló yanjú ọ̀rọ̀: `53 d4 4d d4`. Nínú CP850, D4 ni È. Nínú CP437, ╘ ni. "SÈMÈ" ló mọ́gbọ́n dání, kì í ṣe "S╘M╘". Nígbà náà ni mo wá yí i padà:

```
iconv -f CP850 -t UTF-8 ibudo.csv > ibudo-utf8.csv
```

Ní báyìí, è ti di báìtì méjì, `c3 a8`.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má gbà pé iṣẹ́ ti parí torí pé `iconv` ò ráhùn. Ká ní CP437 ni mo kọ, kò ní ráhùn náà, nítorí gbogbo nọ́ńbà ló ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó mọ àwọn orúkọ ìlú náà ló yẹ kó kà á wò. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí "├¿" níbi tó yẹ kí è wà, ẹ ti yí i padà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Èdè tiwa ńkọ́? Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú CP850 rárá. Fáìlì Yorùbá àtijọ́ tó bá fi wọ́n hàn, fọ́ǹtì ló yà wọ́n bo lẹ́tà mìíràn mọ́lẹ̀. Fọ́ǹtì yẹn gan-an ni tábìlì yín. Kí ẹ tó gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà kankan, ẹ bá mi béèrè fọ́ǹtì rẹ̀ pẹ̀lú.