Kátálọ́ọ̀gì Kì í Ṣe Álíbọ́ọ̀mù: Ẹ Kọ Orúkọ Aṣọ, Ẹ Kọ Iye Owó

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wá owó oúnjẹ nílé ìwé: à ń bá àwọn aládìrẹ, aránṣọ àti káfíńtà ṣe kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn ìwé àtẹ ọjà. Iṣẹ́ náà rọrùn lójú wa. A ó ya ogún àwòrán, a ó tò wọ́n sínú àwòṣe tó dùn ún wò, a ó kọ “ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ fún iye owó” sí abẹ́ wọn, a ó gba owó wa, ó parí. Ohun tí à ń ṣe yẹn kì í ṣe kátálọ́ọ̀gì rárá. Álíbọ́ọ̀mù ni. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó sanwó fún un ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

A mọ̀, nítorí pé àwa náà ṣe é. Ìyá ọ̀kan nínú àwa tó kọ ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún tó kọjá, a ṣe ìwé àtẹ ọjà olójú ìwé mẹ́wàá fún wọn, àwòrán kan lójú ìwé kan. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà, kò sí iye owó. A fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, gbogbo ènìyàn yìn wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá ṣe aṣọ tuntun méjì. A fi àwòrán wọn síwájú, gbogbo èyí tó kù sún sẹ́yìn, a tún fáìlì náà fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó rántí pé fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà lórí fóònù àwọn oníbàárà.

Oníbàárà kan pè. Ó ní òun fẹ́ ọgbọ̀n ẹyọ fún aṣọ ẹbí, aláwọ̀ aró tó wà lójú ìwé keje. Màmá ṣí ìwé tuntun, wọ́n rí aṣọ aláwọ̀ aró lójú ìwé keje, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé àtijọ́ ni oníbàárà ń wò ní tirẹ̀. Oṣù bàm̀bà, tí wọ́n fi ìko dì ní róbótó-róbótó, ni Màmá ṣe. Aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ni ìyàwó ilé yẹn ti fi han gbogbo ẹbí. Yáàdì márùn-ún ni ẹyọ kan, ọgbọ̀n ẹyọ jẹ́ àádọ́jọ yáàdì. Aró tó bá ti mu aṣọ kò ṣeé dá padà sí funfun. Màmá tà wọ́n ní ẹ̀dínwó, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́rin. Wọn ò bá wa jà. Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù.

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, bẹ́ẹ̀ náà ni ti aṣọ. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé àdìrẹ kì í ṣe ọjà aláìlórúkọ. Ẹni tó bá rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára aṣọ mọ̀ pé Ìbàdàndùn ni. Aládìrẹ, oníbàárà àti ìyá àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé jọ mọ orúkọ yẹn. Kí ló dé tí a fi ń kọ “aṣọ aláràbarà, tuntun” sí abẹ́ rẹ̀? Àwa tó ń bá olùkọ́ jiyàn lórí àmì ohùn kan ṣoṣo, àwa náà là ń pa orúkọ aṣọ rẹ́ nínú ìwé tí a fọwọ́ ara wa ṣe.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó, nítorí pé Ìbàdàndùn tí ẹnì kan yà kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn, aládìrẹ kan náà sì lè ní méjì. Nítorí náà, aṣọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Aṣọ ló ni nọ́ńbà, kì í ṣe ojú ìwé. Bí aṣọ bá sún láti ojú ìwé kẹta sí ìkọkànlá, nọ́ńbà rẹ̀ ń bá a lọ. Bí Màmá bá dẹ́kun ṣíṣe é, nọ́ńbà yẹn ti kú nìyẹn, a kò ní fún òmíràn láéláé. A fi ON ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún oníko, AL fún alábẹ́rẹ́, EL fún ẹlẹ́kọ. A kò fi àmì kankan sí i, nítorí pé oníbàárà gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù yòówù. Orúkọ ni a fi gbogbo àmì rẹ̀ sí.

Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ àwòrán kan báyìí:

EL-2. Ìbàdàndùn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ la fi yà á. Tẹ́rú, òwú pátápátá. Yáàdì 5, fífẹ̀ rẹ̀ íǹṣì 45. Ojú kan ló ní iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aró lásán. ₦28,000. Ọjọ́ 10, ọjọ́ 16 nígbà òjò. Ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù, ẹ sá a síbi òjìji.

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ń dí ìjà kan. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ yà sí, nítorí náà aró máa ń bo ẹ̀yìn aṣọ. Bí a kò bá sọ bẹ́ẹ̀, aránṣọ tó fẹ́ yí ẹ̀yìn aṣọ síta lára kọ́là yóò sọ pé aṣọ náà kò dára. Fífẹ̀ aṣọ ni aránṣọ fi ń mọ̀ bóyá yáàdì márùn-ún tó ìró àti bùbá fún ẹni tó sanra. Ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí aṣọ tó wọ aró, oòrùn ló sì ń gbẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi ń gùn nígbà òjò.

Ó wá ku iye owó, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ariwo. Àwọn tó ń fi owó pamọ́ ní àwíjàre mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí iye náà yóò dúró dé sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kí ẹ sì tún ìwé náà ṣe nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ìkejì ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yóò jí iṣẹ́ wọn. Àwòrán ni olè ń jí, ẹ sì ti fi àwòrán síta. Ìkẹta ló lágbára jù: wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, pé bí oníbàárà bá pè, àwọn á lè dúnàá-dúrà, àwọn á sì rí i mú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ìyàwó ilé tó ń wá aṣọ ẹbí kò dá nìkan ṣe ìpinnu. Ó fẹ́ fi aṣọ mẹ́ta han ogójì ènìyàn lálẹ́ òní, kí wọ́n mú ọ̀kan. Èyí tí kò ní iye kò ní wọ ìbò náà rárá. Ẹni tó bá sì fẹ́ ná ọjà ṣì lè ná an. Iye tó rí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí iye rẹ̀.

Nípa títò, àwọ̀ là ń tẹ̀lé tẹ́lẹ̀: aró ṣáájú, pupa tẹ̀lé e, kí ó lè dùn ún wò. Oníbàárà kì í fi àwọ̀ nìkan wá aṣọ. Iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ òde ló ń gbé wá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe aṣọ ló sì ń pinnu méjèèjì, nítorí náà a tò wọ́n báyìí: oníko márùn-ún, alábẹ́rẹ́ mẹ́ta, ẹlẹ́kọ mẹ́rin, kí èyí tó wọ́n jù kẹ́yìn ọ̀wọ́ rẹ̀. Aṣọ méjìlá, ojú ìwé méjìlá. Èèpo iwájú jẹ́ ọ̀kan, bí a ṣe ń ra ọjà wà lójú ìwé kejì, ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà lójú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún, fọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn. Mẹ́rìndínlógún nìyẹn, iye tó ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìwé tí a fi pín-ìn gún láàárín kì í gba iye mìíràn bí ẹ kò bá fẹ́ ojú ìwé òfìfo.

Ẹ má gbàgbé pé àwọn ènìyàn kì í fi odindi ìwé ránṣẹ́ sí ara wọn. Wọ́n á gé ojú ìwé kan lórí fóònù, wọ́n á fi ṣọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn. Nítorí náà, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró: nọ́ńbà aṣọ, iye, nọ́ńbà fóònù aládìrẹ àti ọjọ́ tí ìwé náà jáde.

Fọ́ọ̀mù náà kò gùn. Nọ́ńbà aṣọ, orúkọ rẹ̀, ẹyọ mélòó, ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀, ibi tí a ó gbé e lọ, ìdajì owó tí ẹ san sílẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, Màmá kò ní fọwọ́ kan tẹ́rú títí wọn ó fi pe oníbàárà padà. Gbólóhùn kan tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kọ gàdàgbà: ẹ ka ènìyàn yín pé kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, nítorí pé èyí tí a bá rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní bá ti òní mu ní àwọ̀ délẹ̀délẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí ẹ ṣe dára, ẹ fún ẹni tí kò mọ aládìrẹ náà rí. Ẹ ní kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ra aṣọ mẹ́wàá. Kí ẹ wá ka iye ìbéèrè tí aládìrẹ ní láti bi í padà. Nínú ìwé wa àkọ́kọ́, mẹ́jọ ni. Nínú tuntun, ọ̀kan: Màmá béèrè bóyá ará Ìjẹ̀bú ni, nítorí ohùn rẹ̀.

Kí ẹ tó tún gba owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kankan, ẹ jókòó tì í, kí ẹ béèrè orúkọ ohun tó ṣe àti iye tó ń tà á. Bí ẹ kò bá ní àyè fún ìyẹn, ẹ sọ fún un pé álíbọ́ọ̀mù lẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì gba owó álíbọ́ọ̀mù.