Èsì kúẹ́rì tí kò ní ọjọ́ nínú, àwáwí ni

Bí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò bá yẹ ìwé ọ́fíìsì ìjọba kan wò tán, kì í pẹ́ tí kúẹ́rì fi máa ń tẹ̀lé e. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti máa ń to àwọn àṣìṣe tí wọ́n rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì ní kí ọ̀gá ọ́fíìsì náà wá sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ èsì tí àwọn ọ̀gá ń kọ kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: wọ́n gba ìwé náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, àtúnṣe yóò sì wáyé láìpẹ́. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò dáhùn ohun kankan. Ẹnu dùn-ún ro ẹ̀fọ́ ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí. Abala 125 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí Ọ̀gá Àgbà àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ní ìpínlẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tí ìṣírò owó ìpínlẹ̀ náà bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣírò owó ìlú sì yẹ̀ ẹ́ wò. Abala 85 sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ìjọba àpapọ̀. Kúẹ́rì tí kò rí èsì tó yanjú lè bá àbọ̀ yẹn dé iwájú àwọn aṣòfin. Nínú ìwé ìlànà ìnáwó ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2009, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí kò bá fún kúẹ́rì ní èsì tó tẹ́ni lọ́rùn láàárín 21 ọjọ́ lórí owó tó yẹ kó wọlé fún ìjọba, òun ni yóò san gbogbo owó náà, wọn yóò sì gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn. Owó oṣù àti orúkọ rere òṣìṣẹ́ ló wà nínú ewu.

Báwo wá ni èsì tó dára ṣe yẹ kó rí? Ẹ wo àpẹẹrẹ ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ kan tí kúẹ́rì dé bá ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé òṣìṣẹ́ mẹ́ta gba N160,000 lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N480,000, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó padà wá ṣírò bó ṣe náwó rẹ̀. Èkejì ni pé wọ́n san N1,250,000 fún 200 páálí oògùn ibà, àmọ́ kò sí ìwé tó fi hàn pé oògùn náà wọ sítọ́ọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé wọn kò yọ N120,000 owó orí nínú owó tí wọ́n san fún agbaṣẹ́ṣe tó tún òrùlé ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ ṣe ni kó tẹ̀lé nọ́ńbà tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò sì gbọdọ̀ fo èyí tó nira. Lábẹ́ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, yóò sọ bóyá òótọ́ ni tàbí kì í ṣe òótọ́, yóò sọ ohun tó fà á, yóò sọ ohun tí wọ́n ti ṣe àti èyí tí wọn yóò ṣe, ipò ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò parí. Orúkọ ipò ló dára jù láti kọ, kì í ṣe orúkọ èèyàn, nítorí wọ́n lè gbé èèyàn lọ sí ibòmíràn lọ́la, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà á wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá bọ́ sí ipò yẹn.

Lórí ẹ̀sùn kìíní, ilé ìwòsàn náà gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tí kúẹ́rì dé, òṣìṣẹ́ kan kó rìsíìtì wá fún gbogbo N160,000 tó gbà. Ẹnìkejì ní rìsíìtì N120,000, ó sì dá N40,000 tó ṣẹ́kù padà sí àpò ìjọba. Ẹnìkẹta kò rí ìwé kankan mú wá. Èsì tó yanjú yóò so rìsíìtì àwọn méjì àkọ́kọ́ mọ́ lẹ́tà, yóò sì sọ pé wọn yóò máa yọ N40,000 nínú owó oṣù ẹnìkẹta láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje, tí gbogbo N160,000 náà yóò fi pé ní ọjọ́ 31, oṣù Keje. Olórí ẹ̀ka ìṣírò owó ni yóò bójú tó o.

Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà náà bá dúró síbẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Owó yẹn lè padà wá, kí òṣìṣẹ́ mẹ́ta mìíràn sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó fà á ni pé kò sí ẹni tó ń wo ìwé tí wọ́n ń kọ irú owó bẹ́ẹ̀ sí kí wọ́n tó fọwọ́ sí òmíràn. Nítorí náà, èsì gbọ́dọ̀ fi kún un pé láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì ṣírò ti àtijọ́ kò ní gba tuntun, àti pé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, olórí ẹ̀ka ìṣírò owó yóò fi orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn gba owó tó sọnù padà, ọ̀tọ̀ ni kó dí ihò tó gbà jáde. Èsì tó bá gbàgbé ìkejì, kúẹ́rì kan náà ló ń pè padà.

Ẹ̀sùn kejì ló le jù, òun náà sì ni ìdánwò òtítọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ni pé agbaṣẹ́ṣe já oògùn náà sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tààrà, nítorí oògùn ti tán níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbi iṣẹ́ gbà á, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Nígbà tí wọ́n wo ìwé wọ́ọ̀dù, páálí 185 ni wọ́n rí níbẹ̀, kì í ṣe 200. Páálí 15 ṣì kù, N6,250 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ìjọba ti san N93,750 fún ohun tí kò dé.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti máa ń kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Wọ́n á pe olùtọ́jú sítọ́ọ̀, wọ́n á ní kó kọ ìwé tuntun fún 200 páálí, kó sì fi déètì àtijọ́ sí i. Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí irú ìwà yìí. Nọ́ńbà ìwé tí wọ́n kọ lóṣù Kẹta yóò wà lẹ́yìn nọ́ńbà àwọn ìwé tí wọ́n kọ lóṣù Kejì, bẹ́ẹ̀ sì rèé déètì tó wà lórí rẹ̀ yóò sọ pé ọdún tó kọjá ni. Nígbà míì, ẹni tó fọwọ́ sí i kò tíì dé ẹ̀ka yẹn rárá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ sí orí ìwé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Àìkọ ìwé lásán tó jẹ́ àṣìṣe á wá di ayédèrú ìwé, tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní kóòtù.

Èsì tó tọ́ yóò sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí: àwọn gba ẹ̀sùn náà, páálí 185 wà nínú ìwé wọ́ọ̀dù tí wọ́n so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà, 15 kò dé. Yóò wá kan ọ̀rọ̀ ọjọ́, ó sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ra níbẹ̀. Ilé ìwòsàn kò lè ṣèlérí pé agbaṣẹ́ṣe yóò dá owó padà ní ọjọ́ báyìí, nítorí ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ni ìyẹn wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn ni kí wọ́n ṣèlérí: pé wọn yóò kọ̀wé sí i kí oṣù Kẹta tó parí, pé bí oògùn tàbí owó kò bá dé ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, wọn yóò yọ N93,750 nínú owó mìíràn tó bá ní lọ́dọ̀ wọn, tàbí kí wọ́n gbé e fún agbẹjọ́rò ìjọba. Ọjọ́ tí èèyàn dá tí kò lè pa á mọ́ burú ju àìdá ọjọ́ lọ, nítorí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kúẹ́rì tó ń bọ̀.

Ẹ̀sùn kẹta yàtọ̀, nítorí kì í ṣe òótọ́. Wọ́n ti yọ N120,000 náà, wọ́n sì ti san án fún àjọ tó ń gba owó orí, àmọ́ fáúṣà ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi san án, ní oṣù tó tẹ̀lé e, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò rí i. Kò yẹ kí ọ̀gá gba ẹ̀sùn tí kò jẹ̀bi rẹ̀ torí pé ó ń bẹ̀rù, kò sì yẹ kó fi ìbínú dáhùn. Kó kọ nọ́ńbà fáúṣà náà àti déètì rẹ̀, kó so ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, kó sì fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé ló ń jà fúnni, kì í ṣe ohùn líle.

Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú lẹ́tà yìí, nítorí òun ni ìjọba gbé owó lé lọ́wọ́. Bí ó bá sì ti fọwọ́ sí i tán, kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́tà kò pa kúẹ́rì, àwọn tó kọ ọ́ ló lè pa á, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fojú rí i pé ohun tí wọ́n ṣèlérí ti ṣẹ. Nígbà tí wọ́n bá padà wá lọ́dún tó tẹ̀lé e, èsì ti ọdún tó kọjá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, kí wọ́n sì fi ìka tọ́ ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò ní ìpínlẹ̀ gbogbo kọ̀ láti gba èsì tí "láìpẹ́" bá wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ tó ń gbóná nínú wọ́ọ̀dù lónìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ láìpẹ́, páálí oògùn 15 tí kò dé ni ìyá rẹ̀ ń wá.