Ẹ Má Fi Ẹnu Dáhùn, Síláìdì Ni Kí Ẹ Tún Ṣe

Ní ẹ̀ka wa, bí ẹnì kan bá fẹ́ gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, a máa ń kó ara wa jọ sí kíláàsì tó bá ṣófo kó lè fi wá ṣe ìdánrawò. Bó bá parí, a ó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan á ní, "O gbìyànjú." Òmíràn á ní kó gbóhùn sókè. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tó rú u lójú, olùsọ̀rọ̀ á ṣàlàyé fún un lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Lójú tèmi, àlàyé ojú ẹsẹ̀ yẹn ló ń ba ìdánrawò jẹ́. Ohun tí mo bá ní láti fi ẹnu ṣàlàyé fún akẹ́gbẹ́ mi, bóyá kò sí lórí síláìdì ni, tàbí kó jẹ́ pé kò sí níbi tó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ mi dá lórí àǹkóò fáwẹ̀lì nínú èdè Adó-Èkìtì. Síláìdì 14 ni mo ṣe fún ìṣẹ́jú 10. Ìtàn ìlú, iṣẹ́ àwọn aṣáájú àti tíọ́rì ló gba síláìdì 3 dé 7, orí síláìdì 9 sì ni ọ̀rọ̀ Èkìtì àkọ́kọ́ ti jáde. Àwọn akẹ́gbẹ́ mi mẹ́rin ló gbọ́ ọ. Mo pinnu pé n kò ní ṣàlàyé ohunkóhun. Ohun tí kálukú bá sọ ni mo ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà síláìdì tó ń bá wí.

Ẹni àkọ́kọ́ ní tíọ́rì ti pọ̀ jù, kí n yọ ọ́. Ẹnì kejì ní tíọ́rì kò tó, kí n fi kún un. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Mo bi àwọn méjèèjì pé, "Síláìdì wo lọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọ lójú?" Síláìdì 5 ni àwọn méjèèjì dárúkọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ òfin fáwẹ̀lì láìtíì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo hàn wọ́n. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n, oògùn tí wọ́n dárúkọ ló yàtọ̀. Nítorí náà n kò yọ ọ́, n kò sì fi kún un. Ètò ni mo yí padà.

Mo kó ọ̀rọ̀ mẹ́rin wá sí síláìdì 2, ti Yorùbá àjùmọ̀lò lápá òsì, ti Èkìtì lápá ọ̀tún: èlùbọ́ àti ẹ̀lùbọ́, ewúrẹ́ àti ẹwúrẹ́, orúkọ àti ọrúkọ, òwúrọ̀ àti ọ̀wúrọ̀. Nínú ti àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u tó wà láàárín dínà mọ́ àǹkóò, tó fi jẹ́ pé e tàbí o ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó parí sí ẹ tàbí ọ. Nínú ti Èkìtì, àǹkóò kọjá u, ó dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ti rí èyí ti ní ìbéèrè lọ́wọ́, síláìdì méjì péré sì tó fún tíọ́rì lẹ́yìn náà. Mo gbé ìtàn ìlú lọ sẹ́yìn síláìdì ìkẹyìn, bóyá ẹnì kan á béèrè rẹ̀.

Ẹnì kẹta bi mí pé, "Ṣé àwa Èkìtì ló ń ṣì í pè ni?" Ó dùn mí, torí ọ̀nà tí ìyá mi àgbà ń gbà sọ̀rọ̀ ni mò ń gbèjà. Àmọ́ nígbà tí mo wo síláìdì 9, ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: "Èkìtì sọ e di ẹ." Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ pé ti àjùmọ̀lò ni ìpilẹ̀. Kò sí ètò tó lè tún ìyẹn ṣe, àfi kí n pa gbólóhùn náà rẹ́. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ibi tí àǹkóò dé nínú ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra."

Ẹnì kẹrin ní, "Nílé wa, ìyá àgbà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni. Mẹ́fà ni àwọn tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún nínú wọn. Síláìdì 12 ni mo fi ìyẹn pamọ́ sí. Mo gbé e wá síwájú dátà, mo sì yí àkòrí láti "èdè àwọn ará Adó" sí "èdè lẹ́nu àwọn àgbà Adó". Ohun tí mò ń sọ dínkù, ṣùgbọ́n ó dúró dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo àbá ni mo gbà. Ẹnì kan ní kí n fi ti Ifẹ̀ kún un. Òótọ́ ni pé Ifẹ̀ náà ní irú rẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú 10 kò gbà á.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti dára? N kò padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́rin yẹn, torí wọ́n ti mọ ìdáhùn. Àwọn méjì mìíràn ni mo pè. Mo dúró lẹ́yìn síláìdì 2, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí mò ń wádìí fún mi. Ọ̀kan gbà á. Èkejì ní ìyàtọ̀ ohùn ni, torí àmì ohùn ló kọ́kọ́ rí. Mo kun fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pupa.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá tún jókòó gbọ́ ìdánrawò ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ sọ nọ́ḿbà síláìdì tí ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ yín lójú. Ìwọ tí o ń sọ̀rọ̀, pa ẹnu mọ́, kí o kọ ọ́ sílẹ̀.